Semmel kì í ṣe àbùkù Brötchen: ìdáhùn fún nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Fiẹ́nà

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, mo sì ti rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní Fiẹ́nà, olú-ìlú Ọ́sítríà. Tíṣà tó ń kọ́ mi ní èdè Jámánì lórí fóònù sọ pé Jámánì bàjẹ́ ni wọ́n ń sọ ní Ọ́sítríà, pé bí mo bá kọ “Erdapfel” fún pòtétò tàbí “Semmel” fún búrẹ́dì kékeré nínú ìdánwò B1, dípò “Kartoffel” àti “Brötchen” tó ní àwọn ni ojúlówó, wọ́n á gé máàkì mi. Ó ní lẹ́yìn ìdánwò kí n wá san owó kọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ “èdè Ọ́sítríà”. Ṣé kí n san án, mà? Ṣé kí n gbàgbé àwọn ọ̀rọ̀ yẹn títí ìdánwò yóò fi kọjá?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan tí o ti kọ́. Mo lè dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n irú lẹ́tà yìí ti di mẹ́fà lọ́wọ́ mi láàárín oṣù mẹ́ta, ohun kan náà sì ni wọ́n ti sọ fún gbogbo yín: pé Jámánì tòótọ́ kan ṣoṣo ló wà, èyí tí wọ́n ń sọ ní ìlú Hánófà lápá àríwá Jámánì, pé àbùkù rẹ̀ ni gbogbo ìyókù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi èdè yìí jẹun. Láípsíìgì ni mo ti kọ́ ọ, Fiẹ́nà ni mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ènìyàn wa, ní ọ́fíìsì ìjọba àti nílé ìwòsàn. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ ká ti orí Hánófà yẹn bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ pé ẹnu wọn mọ́. Pípè ni wọ́n fi ń yìn wọ́n, kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Láyé àtijọ́, èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ lápá àríwá yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní Plattdeutsch. Inú ìwé ni wọ́n ti wá kọ́ Jámánì àjùmọ̀lò, wọ́n sì ń pè é bí wọ́n ṣe rí i nínú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dún ketekete. Ọ̀dọ̀ àwọn ará àárín gbùngbùn àti apá gúúsù ni èdè inú ìwé ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ará gúúsù ló ba èdè ará Hánófà jẹ́ ti dorí ìtàn kodò.

Èdè Jámánì kì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo. Jámánì ń fi ṣe ìjọba, Ọ́sítríà ń fi ṣe ìjọba, Swítsálándì ń fi ṣe é pẹ̀lú èdè mẹ́ta mìíràn. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè àjùmọ̀lò tirẹ̀, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń kọ òfin, tí wọ́n fi ń ka ìròyìn, tí tíṣà fi ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Gírámà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti pínyà jù ni inú ilé ìdáná, ọjà, àga àti bẹ́ẹ̀dì inú ilé, àti ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ti ń kí ara wọn. Bí o ṣe máa rí àwọn ọ̀rọ̀ náà lára pátákó àti lára páálí oúnjẹ ni mo ṣe ń kọ wọ́n síbí, kí o lè dá wọn mọ̀ nígbà tí o bá débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Semmel tí o dárúkọ yẹn dára láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Búrẹ́dì kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, èyí tó le díẹ̀ lẹ́yìn, tó rọ̀ nínú, tí wọ́n ń là sí méjì láàárọ̀ kí wọ́n tó fi bọ́tà sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìlú apá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn Jámánì, Brötchen ni. Ní Háńbọ́ọ̀gì, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní Rundstück. Ní Bẹ̀líìnì, Schrippe ni. Bí o bá dé Ṣítúgáátì, wàá gbọ́ Weckle. Ní Súríìkì, o lè gbọ́ Weggli, o lè gbọ́ Brötli. Ní Múníìkì àti Fiẹ́nà, Semmel ni. Kíyè sí i pé inú ilẹ̀ Jámánì ni Múníìkì wà. Kódà wọ́n ń sọ Semmel ní Drẹ́sìdẹ̀n, tó wà lápá ìlà oòrùn Jámánì. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò mọ ibi tí ààlà ìjọba gbà. Kí ni “èdè Ọ́sítríà” tí tíṣà rẹ fẹ́ tà fún ọ wá jẹ́?

Tí a bá sì ní ká wádìí èwo ló jẹ́ àbùkù, inú tíṣà rẹ kò ní dùn sí ohun tí a máa rí. Ọ̀rọ̀ Látìn ni Semmel ti jáde, láti ara simila, tó túmọ̀ sí ìyẹ̀fun àlìkámà kíkúnná. Ó ti wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Brötchen kò ju “búrẹ́dì kékeré” lọ, wọ́n kàn fi ìparí ọ̀rọ̀ tó ń sọ nǹkan di kékeré kún Brot, tó jẹ́ búrẹ́dì. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó bí èkejì.

Ti Erdapfel tilẹ̀ ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé ọ̀dùnkún òyìnbó, tí a ń pè ní pòtétò, wọ Yúróòpù, lẹ́yìn ọdún 1500. Nígbà tó dé, kò ní orúkọ ní èdè Jámánì, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì sọ ọ́ lórúkọ bó ṣe rí lójú wọn. Àwọn kan wò ó pé ó jọ èso ápù tí wọ́n hú nínú ilẹ̀, wọ́n pè é ní Erdapfel, “ápù ilẹ̀”. Àwọn ará ìwọ̀ oòrùn gúúsù wò ó bí èso píà, wọ́n ní Grundbirne, “píà inú ilẹ̀”, èyí tó ti di Grumbeere lẹ́nu wọn lónìí. Àwọn mìíràn yá orúkọ olú kan tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, tartufolo. Èyí ló yí padà títí ó fi di Kartoffel. Nínú gbogbo wọn, Kartoffel tí tíṣà rẹ ní òun ni ojúlówó ni ọ̀rọ̀ àyálò. Èmi kò ní torí ìyẹn pè é ní bàjẹ́. Mo kàn ń fi hàn ọ́ pé orí òfo ni ẹjọ́ tí ó ń rò dúró lé.

Ohun tó fà á tí orúkọ fi pọ̀ tó báyìí ni pé kò sí ìlú kan tó jọba lórí gbogbo àwọn tó ń sọ èdè náà. Parí jọba lórí Faransé, ó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé wọn lẹ́nu. Àwọn tó ń sọ Jámánì wà lábẹ́ ọba àti ìjòyè oríṣiríṣi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọdún 1871 ni ìpínlẹ̀ Jámánì kan ṣoṣo tó fìdí múlẹ̀, Ọ́sítríà kò sì sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Swítsálándì. Nígbà tí wọ́n péjọ sí Bẹ̀líìnì ní 1901 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́, Ọ́sítríà rán aṣojú lọ, Swítsálándì náà sì gba àkọtọ́ ọ̀hún lẹ́yìn náà. Àkọtọ́ nìkan ni wọ́n jọ ṣe. Wọn kò jókòó pé kí gbogbo ènìyàn máa fi orúkọ kan pe búrẹ́dì. (Àkọtọ́ náà kò tilẹ̀ dọ́gba pátápátá mọ́: àwọn ará Swítsálándì ti pa lẹ́tà ß tì, ss ni wọ́n ń kọ dípò rẹ̀.) Búrẹ́dì, ẹran àti ewébẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n sì ń tà ní àdúgbò, ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á mọ ara wọn. Kò sí ìdí tí orúkọ fi gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ọ́sítríà ní ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ láti 1951, tí wọ́n ń lò ní ilé ìwé àti ní ọ́fíìsì ìjọba. Erdapfel wà níbẹ̀, Semmel wà níbẹ̀, Jänner náà wà níbẹ̀, ìyẹn oṣù kìíní ọdún, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Januar. Jänner ni wàá rí lórí ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ bí ó bá jẹ́ oṣù yẹn ni o máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìjọba á kọ ìwé àdéhùn ní èdè bàjẹ́ ni?

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nígbà tí Ọ́sítríà fẹ́ wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó sì wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1995, ẹ̀rù bà wọ́n pé òfin tí wọ́n ń kọ ní Brọ́sẹ́ẹ̀lì yóò máa fi orúkọ oúnjẹ tí àwọn ará Jámánì ń lò lé wọn lórí. Wọ́n bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ìwé àfikún kẹwàá lára àdéhùn náà ka orúkọ oúnjẹ mẹ́tàlélógún sílẹ̀, ó sì sọ pé iyì kan náà ni wọ́n ní lábẹ́ òfin pẹ̀lú àwọn orúkọ tí Jámánì ń lò. Erdäpfel, ìyẹn pòtétò tó ju ẹyọ kan lọ, wà níbẹ̀. Paradeiser, tí í ṣe tòmátì, wà níbẹ̀. Faschiertes wà níbẹ̀, ẹran lílọ̀ ni, Hackfleisch lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Topfen, wàrà dídì rírọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Quark. Marillen, èso olómi aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní Aprikosen. Karfiol, èyí tó dà bí kábéèjì olódòdó funfun, Blumenkohl lẹ́nu àwọn ará Jámánì. Sọ fún mi: èdè bàjẹ́ wo ni orílẹ̀-èdè tó lé ní mẹ́wàá á fọwọ́ sí nínú àdéhùn?

Ṣùgbọ́n má gbá Ọ́sítríà náà pọ̀ bí ẹni pé ohùn kan ni gbogbo wọn ń sọ, ibi tí àwọn tó ń ta kọ́ọ̀sì tún ti ń ṣìnà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ apá ìlà oòrùn ni Paradeiser, Fiẹ́nà ni ilé rẹ̀. Bí o bá lọ sí Tìróòlù lápá ìwọ̀ oòrùn, Tomaten ni wọ́n máa sọ. Ní Fiẹ́nà fúnra rẹ̀ pàápàá, wàá rí Tomaten lára páálí ní súpámákẹ́ẹ̀tì, wàá sì gbọ́ Paradeiser lẹ́nu ìyá arúgbó tó ń tajà lọ́jà. Méjèèjì tọ́. Ẹni tó bá ta ìwé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ fún ọ pé “báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ọ́sítríà” kò sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀ á ya ará ìlú mìíràn ní Ọ́sítríà kan náà lẹ́nu.

Bóyá ohun tó da tíṣà rẹ láàmú ni pé kò ya èdè àjùmọ̀lò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀ka-èdè. Ẹ̀ka-èdè wà ní Fiẹ́nà lóòótọ́. “Ich weiß nicht”, tó túmọ̀ sí “mi ò mọ̀”, lè di “I waaß ned” lẹ́nu aláìsàn rẹ. Ẹ̀ka-èdè nìyẹn; má kọ ọ́ sínú ìdánwò, má sì kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n Ọ́sítríà, tó wọ kóòtù, tí ohùn rẹ̀ mọ́, Erdäpfel náà ló máa sọ. Ohun tí ó ń dán etí àjèjì wò ní Fiẹ́nà ni pípè yẹn, kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Kò sí ìwé ọ̀rọ̀ tó lè kọ́ ọ ní èyí. Rédíò àti ẹnu àwọn ará ibẹ̀ ló ń kọ́ni. Bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ rédíò wọn láti ìsinsìnyí, wákàtí kan lóòjọ́, kódà tí o bá ń dáná. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti ìdánwò: B1 tí wọ́n ń ṣe ní Goethe-Institut kì í ṣe iṣẹ́ Jámánì nìkan. Goethe-Institut, ÖSD tí í ṣe àjọ ìdánwò ti Ọ́sítríà, àti Yunifásítì Fríbọ́ọ̀gì ní Swítsálándì ló jọ gbé e kalẹ̀, nítorí kí ó lè ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Bí o bá kọ “Ich kaufe Erdäpfel”, tí o kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú lẹ́tà ńlá àti àmì méjì lórí a, pòtétò ni o rà, kò sí ohun tí wọ́n máa gé níbẹ̀. Èmi kọ́ ló ń ṣe máàkì fún ọ o, àwọn ìdánwò mìíràn sì wà tó ń jẹ́ B1 tí kì í ṣe èyí. Nítorí náà, wo orúkọ tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ, kí o sì kọ lẹ́tà sí ibi tí o ti máa ṣe é, kí wọ́n fèsì fún ọ lórí ìwé. Èsì wọn ni kí o gbà, má gba ti tíṣà, má tilẹ̀ gba tèmi ṣáájú tiwọn.

Ní báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí o béèrè tí o kò béèrè. Ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀ kì í ṣeni ní jàǹbá. Bí ẹnì kan bá ní “Karfiol”, tí o kò gbọ́ ọ rí, wàá ní “Ẹ jọ̀ọ́, kí nìyẹn?”, wọ́n á fi hàn ọ́, ó parí. Ọ̀rọ̀ tí o rò pé o mọ̀ ló ń ṣeni ní jàǹbá, nítorí o kò ní béèrè.

Pfannkuchen ni mo fi máa ń kọ́ àwọn tó wà lọ́wọ́ mi. Ní ìlú Kọ́lọ́ọ̀nù, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹyin, wàrà àti ìyẹ̀fun dín nínú páànù ni Pfannkuchen. Wọ Bẹ̀líìnì, lọ sí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ní kí wọ́n fún ọ ní Pfannkuchen méjì. Ohun tí wọ́n máa kó sínú àpò fún ọ ni dónọ́ọ̀tì róbótó tí kò nihò, tó ní jáàmù nínú, tí ṣúgà bò lórí. Pẹlẹbẹ tí o ń wá, Eierkuchen ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Dónọ́ọ̀tì yẹn kan náà, ní ọ̀pọ̀ ìlú Jámánì mìíràn, Berliner ni, orúkọ ìlú tí àwọn ará rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Hẹ́sẹ̀, Kreppel ni. Ní Fiẹ́nà, Krapfen ni, jáàmù Marillen ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Pẹlẹbẹ náà ní Fiẹ́nà, Palatschinken ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Họ́ńgárì tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Oúnjẹ nìyẹn, tí o bá ṣì í rà, wàá jẹ ẹ́ náà ni. Ilé ìwòsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí o kọ sí ara ògiri ni Fuß. Nínú ìwé tí o fi ń kọ́ èdè, Fuß ni ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ wálẹ̀, Bein sì ni ẹsẹ̀ láti itan dé ìsàlẹ̀. Ní Ọ́sítríà àti ní ọ̀pọ̀ ibi lápá gúúsù Jámánì, lẹ́nu àwọn ènìyàn, Fuß lè jẹ́ gbogbo rẹ̀ láti itan dé ọmọ ìka. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí báyìí náà ni ẹsẹ̀ ṣe rí lẹ́nu tiwa. Mo wà níbì kan tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún ìdílé kan, bàbá àgbàlagbà kan nínú bẹ́ẹ̀dì kejì wá sọ fún nọ́ọ̀sì tuntun kan pé “Mir tut der Fuß weh”, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo àárín ọmọ ìka, kò rí nǹkan kan, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì. Orúnkún ni bàbá ń sọ, ó sì ti wú lábẹ́ aṣọ. Dókítà ló padà rí i nígbà tó ń yí wọ̀ọ́dù ká. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ó fi kọ́ èdè ni kò sọ fún un.

Nítorí náà, nígbà tí aláìsàn bá ní Fuß, má tíì kọ nǹkan kan. Sọ pé “Zeigen Sie mir bitte, wo genau”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibẹ̀ gan-an hàn mí. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ni kí o kọ, kí o sì fi orúkọ tí wọ́n ń lò nínú fáìlì kọ ọ́: Knie fún orúnkún, Bein fún odindi ẹsẹ̀, Fuß fún ìsàlẹ̀ nìkan. Ògbufọ̀ ni mí, n kì í ṣe dókítà, ìlànà wọ̀ọ́dù rẹ ló ga ju ọ̀rọ̀ mi lọ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì.

Àwọn díẹ̀ mìíràn tí wàá bá pàdé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: bí aláìsàn bá ní Polster, ìrọ̀rí ló ń fẹ́, ohun tí ìwé rẹ pè ní Kissen ni. Bí wọ́n bá ní kí o kó aṣọ rẹ̀ sínú Kasten, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni, kì í ṣe páálí. Sessel, tó jẹ́ àga onítìmùtìmù ní Jámánì, jẹ́ àga lásán ní Fiẹ́nà. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà ń pè ní Spital, ibi tí dókítà kan ṣoṣo ti ń gba aláìsàn sì ni Ordination. O lè kọ́ gbogbo èyí ní ìrọ̀lẹ́ kan, láìsan owó fún ẹnikẹ́ni.

Aago wá ń kọ́? Èyí ti kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní Láípsíìgì, ọ́fíìsì kan ní kí n wá ní “dreiviertel neun”. Mo mọ̀ pé drei viertel ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo mọ̀ pé neun ni mẹ́sàn-án, mo rò pé aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni. Mo débẹ̀ ní déédéé àkókò tí mo rò, wọ́n sì ti pe orúkọ mi kọjá ní wákàtí kan sẹ́yìn. Oṣù méjì ni mo dúró kí wọ́n tó tún fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Bí ìṣirò wọn ṣe lọ ni pé wákàtí tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wò bí igbá tí omi ń kún. Tí wákàtí kẹsàn-án bá kún dé ìdá kan nínú mẹ́rin, viertel neun, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Tó bá kún dé ìdajì, halb neun, aago mẹ́jọ ààbọ̀. Tó bá kún dé ìdá mẹ́ta, dreiviertel neun, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́sàn-án lù. Wọ́n ń kà á báyìí ní Fiẹ́nà náà. Ará Háńbọ́ọ̀gì á sọ “Viertel nach acht” fún àkọ́kọ́ àti “Viertel vor neun” fún ìkẹyìn, òun náà sì lè ṣi viertel neun gbọ́ tó bá dé gúúsù. Ohun tí wàá fi mọ̀ ni pé, bí o kò bá gbọ́ nach tàbí vor láàárín, wákàtí tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kún. Bí ó bá sì jẹ́ àkókò oògùn, má fi ìmọ̀ yìí dá ara rẹ lójú. Fi nọ́ńbà tún un sọ fún ẹni tó sọ ọ́: “Acht Uhr fünfundvierzig?” Kó dáhùn kí o tó fọwọ́ kan oògùn.

Ó ku ìkíni, mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kò ní fi èyí ṣeré. Ní Fiẹ́nà, Grüß Gott ni kí o fi kí aláìsàn, àwọn ẹbí rẹ̀ àti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àdúrà ni láti ìpìlẹ̀, kí Ọlọ́run bù kún ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ń sọ ọ́. Guten Tag kò burú, wọ́n kàn máa mọ̀ pé ìwé ni o ti kọ́ ọ. Moin tí àwọn ará àríwá Jámánì ń sọ láàárọ̀ àti lálẹ́, fi sílẹ̀ fún wọn. Servus dùn ún gbọ́, Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “ìránṣẹ́ rẹ ni mí”, ṣùgbọ́n ẹni tí o ń pè ní du, bí a ti ń pe ẹgbẹ́ ẹni ní ìwọ, ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Má ṣe sọ Servus fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tí o ń pè ní Sie, bí a ti ń pe àgbà ní ẹ̀yin. Bó o bá máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Auf Wiedersehen ni, tàbí Auf Wiederschauen. Tschüss ti wọ Fiẹ́nà láti àríwá, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ọ́, àmọ́ àwọn àgbàlagbà kan kò fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́nu àlejò.

Bí ìyá náà bá sì juwọ́ sí ọ níkẹyìn, tó ní “Baba!”, má wẹ̀yìn wò pé bàbá wo ló wọlé. Ó dàbọ̀ ló ń sọ, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ni ni láàárín àwọn tó ti mọ ara wọn. Rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, kí o sì dá a lóhùn pé “Auf Wiedersehen”, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti ní kí o máa pe òun ní du.